NFT Ìbàdàndùn tí mo rà: kí ló di tèmi gan-an?

Aláṣọ Òjé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ra NFT kan, àwòrán àdìrẹ Ìbàdàndùn ni, òpó Mápó àti ṣíbí tó wà láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ pé. Orí bulọ́kíṣéènì Ethereum ló wà, nọ́ńbà 17 nínú 40, 0.05 ETH ni mo san. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára tíṣáàtì 200 kí n máa tà á. Ẹnì kan ti wá wa àwòrán yìí sórí fóònù, òun náà ń tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù ní Mọ́kọ́lá. Ṣé mo lè dá a dúró? Kí ni mo rà gan-an?

Kọ́lá Bódìjà

Má mikàn rárá. Ohun tó bá ti wọ inú bulọ́kíṣéènì, ó wọ̀ ọ́ náà nìyẹn. Àwòrán yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn káàkiri ayé, kò sẹ́ni tó lè yí i padà, orúkọ rẹ ló sì wà níbẹ̀. Sọ fún ará Mọ́kọ́lá kó jáwọ́. Tí kò bá gbọ́, kóòtù Ìyágankú ni kẹ́ ẹ ti pàdé.

Atọ́kùn Agodi

Kọ́lá, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà, ìdajì kejì ló máa kó Aláṣọ sí wàhálà. Òótọ́ ni pé ìwé ìṣirò tí wọ́n ń pè ní bulọ́kíṣéènì wà lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà, ẹnì kan ò sì lè dá nìkan pa á rẹ́. Àmọ́ wọn ò kọ àwòrán sínú rẹ̀, wọn ò sì kọ orúkọ Aláṣọ síbẹ̀.

Kọ́ńtíráàtì tó wà nídìí NFT yìí, ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan ni. Ẹ fi ojú inú wo ìwé tí wọ́n fa ìlà sí láàárín: nọ́ńbà tókìnnì, ìyẹn NFT kọ̀ọ̀kan, lápá òsì, àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹni tó ni ín lápá ọ̀tún. Nínú kóòdù, bó ṣe máa ń wà rèé:

```
mapping(uint256 tokenId => address) private _owners;
```

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní iwájú 17, àdírẹ́sì kan wà tó fi 0x bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Aláṣọ rà á, kọ́ńtíráàtì pa àdírẹ́sì ẹni tó tà á rẹ́, ó kọ ti Aláṣọ dípò, ó sì kéde síta pé nọ́ńbà 17 kúrò lọ́wọ́ lágbájá, ó bọ́ sọ́wọ́ làkáṣègbè. Transfer ni wọ́n ń pe ìkéde yẹn. Òun ni Etherscan, wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí wọ́n ti ń wo àkọsílẹ̀ Ethereum, àti àwọn ọjà NFT ń kà kí wọ́n tó lè to ìtàn gbogbo àwọn tó ti ni ín rí. ERC-721, ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018, ló fún àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ní orúkọ kan náà níbi gbogbo kí ọjà kan má baà pè é ní tibí, kí òmíràn pè é ní tọ̀hún.

Owó ni kò jẹ́ kí wọ́n kó àwòrán síbẹ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan nínú ibi ìpamọ́ Ethereum gba báìtì 32 péré, kíkọ nǹkan sínú àpótí tó ṣófo sì ń jẹ gáàsì 20,000 ó kéré tán. Gáàsì ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ tí Ethereum ń gba owó lé lórí. Àwòrán mẹ́gábáìtì kan á gba àpótí 32,768. Ẹ fi 20,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 655. Kò sí búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo tó lè gbé e. Nítorí náà, líǹkì ni ọ̀pọ̀ ń kọ síbẹ̀, àwòrán á wà níbòmíràn. Àwọn kan kó tiwọn wọlé lóòótọ́: CryptoPunks tó jáde ní 2017 kó àwòrán rẹ̀ wọlé ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ṣùgbọ́n píksẹ́ẹ̀lì 24 lóròó, 24 níbùú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìbàdàndùn tó máa tẹ̀ dáadáa sára aṣọ ò lè kéré tó yẹn láéláé.

Aláṣọ, jẹ́ ká wo tìrẹ ká má máa méfò. Mú àdírẹ́sì kọ́ńtíráàtì náà lójú ewé ibi tí o ti rà á, má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp. Lẹ̀ ẹ́ síbi ìwárí lórí etherscan.io. Tẹ Contract, lẹ́yìn náà Read Contract. Wá ownerOf, kọ 17, tẹ Query, kí o fi èsì rẹ̀ wé àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan. Ṣe bákan náà fún tokenURI, òun ló ń mú líǹkì jáde, kí o lẹ ohun tó bá jáde síbí. Kí o tún wo Write Contract bóyá setBaseURI wà níbẹ̀. Wíwò lásán ni o, má so wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ mọ́ ọn. Tí o ò bá rí ownerOf rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìlànà mìíràn, ERC-1155, ni wọ́n lò. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, balanceOf ni wàá lò, torí ìyẹn kì í dáhùn pé ta ló ni ín, iye tó wà lọ́wọ́ àdírẹ́sì tí o bá bi í ló ń sọ.

Ìyá Sànyà

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ mi ní irú nǹkan yìí. Ó tẹ líǹkì kan tó ní wọ́n fẹ́ fi òmíràn ta á lọ́rẹ, ó fọwọ́ sí nǹkan kan, mẹ́ta lọ lójú ẹsẹ̀. Ó búra pé òun ò fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ méjìlá tó ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì òun. Ṣé ilé-iṣẹ́ tó ni bulọ́kíṣéènì yìí ò lè bá wa dá a padà ni?

Atọ́kùn Agodi

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ni ín, kò sì sí ọ̀gá tó lè fa ìlà sórí ohun tí wọ́n ti kọ. Ó jọ pé setApprovalForAll ni wọ́n mú un fọwọ́ sí. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé ó fún àdírẹ́sì mìíràn láṣẹ láti gbé gbogbo tókìnnì tó ní nínú kọ́ńtíráàtì yẹn. Wọn ò nílò ọ̀rọ̀ méjìlá kankan mọ́. Lójú kọ́ńtíráàtì, olè kọ́ nìyẹn, aṣojú ni.

Kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ revoke.cash, kó má gba orí líǹkì tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́. Kó wo gbogbo àṣẹ tó ti fún èèyàn, kó gba èyí tí kò mọ̀ padà. Á ná an ní owó gáàsì díẹ̀. Èyí tó kù ló máa yọ, èyí tó lọ ti lọ. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjìlá náà ló jáde, ìyẹn ò ní ràn án lọ́wọ́, wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun ló máa ṣí. Ọjà lè fi àmì sí àwọn mẹ́ta náà pé wọ́n jí wọn gbé, kí wọ́n má lè tà á lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ ìwé ìṣirò ò ní yí padà.

Ajílẹ̀ Mápó

Ẹ ò rí i pé rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ ni gbogbo èyí? Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ, ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Atọ́kùn Agodi

Ó fẹ́ jọ ọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ọmọ onílẹ̀ lè ta ilẹ̀ kan náà fún èèyàn mẹ́ta, kí ó já rìsíìtì fún gbogbo wọn. Kọ́ńtíráàtì yìí ò lè kọ àdírẹ́sì méjì síwájú 17. Ibi tó ti jọ ọ́ ni pé kò sí ohun tó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gbé àwòrán kan náà lọ sínú kọ́ńtíráàtì mìíràn, kó pe òun náà ní nọ́ńbà 1.

Aláṣọ Òjé

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. ownerOf mú àdírẹ́sì tèmi jáde, mo kà á tán. tokenURI mú èyí jáde:

```
https://aworan-adire.example/meta/17.json
```

Mo ṣí i, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

```
{
  "name": "Ibadandun #17",
  "description": "Ẹni tó bá ni tókìnnì yìí lè fi àwòrán náà ṣòwò.",
  "image": "https://aworan-adire.example/img/17.png"
}
```

setBaseURI wà ní Write Contract. Ṣé ẹ rí i, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo lè fi ṣòwò!

Kọ́lá Bódìjà

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Atọ́kùn Agodi

Kò tíì parí o. Wo ibi tí gbólóhùn yẹn wà. Kò sí nínú bulọ́kíṣéènì. Inú fáìlì kan ló wà, lórí sáfà tí ayàwòrán ń sanwó fún. Tó bá wọlé síbẹ̀ lálẹ́ yìí, tó yọ gbólóhùn náà, ownerOf á ṣì máa mú àdírẹ́sì rẹ jáde láàárọ̀ ọ̀la, kò sì sí nǹkan kan lórí Ethereum tó máa fi hàn pé ohunkóhun yí padà. Tí kò bá sanwó wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà lọ́dún tó ń bọ̀, àwòrán àti àṣẹ á jọ lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó tóbi ju èyí lọ: nígbà tí FTX, ọjà owó kírípítò ńlá kan, wọ gbèsè ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn NFT tó jẹ́ pé sáfà FTX ló ń gbé àwòrán wọn di òfìfo. Tókìnnì wà lọ́wọ́ àwọn tó rà á, àwòrán ni kò sí.

setBaseURI ní tiẹ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn kejì. Ó fún olórí kọ́ńtíráàtì láàyè láti yí apá iwájú gbogbo líǹkì 40 náà padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wo owner lábẹ́ Read Contract. Tó bá jẹ́ òdo ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó ní àṣẹ yẹn mọ́. Tó bá jẹ́ àdírẹ́sì gidi, ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Kò túmọ̀ sí pé ayàwòrán rẹ fẹ́ jìbìtì. Ìyípadà tirẹ̀ á tiẹ̀ hàn lórí Etherscan tó bá gba ọ̀nà setBaseURI. Èyí tó bá ṣe lórí sáfà nìkan ni kò ní hàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Moxie Marlinspike tó dá Signal, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, sílẹ̀ fi èyí han aráyé. Ó ṣe NFT kan tó ń fi àwòrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn, ó sinmi lórí ibi tí èèyàn bá ti ń wò ó. OpenSea, ọjà NFT ńlá kan, yọ ọ́ kúrò, ló bá dàwátì nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ náà, torí pé ọ̀dọ̀ OpenSea ni wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn ti ń béèrè ohun tó máa fi hàn. Tókìnnì ò kúrò lórí Ethereum rárá.

Ohun tí o máa ṣe lónìí: wa 17.json àti 17.png sílẹ̀, fi ojú ewé méjèèjì pamọ́ sórí web.archive.org kí ọjọ́ lè wà lára rẹ̀, kí o sì gba àmì ìdánimọ̀ fáìlì náà sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà:

```
sha256sum 17.png
```

Ó máa kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 jáde. Tí wọ́n bá yí píksẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo padà nínú àwòrán náà, èyí tó máa jáde á yàtọ̀ pátápátá.

Kọ́lá Bódìjà

Kó sọ fún ayàwòrán kó gbé e lọ sórí IPFS, níbi tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ti jọ ń tọ́jú fáìlì, nígbà náà. Kò lè pa rẹ́ níbẹ̀ láéláé.

Atọ́kùn Agodi

Kò lè *yí padà* níbẹ̀, torí inú fáìlì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa orúkọ rẹ̀ yọ. Fáìlì mìíràn, orúkọ mìíràn. Pípa rẹ́ yàtọ̀. Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà kankan tó tọ́jú rẹ̀ mọ́, orúkọ á wà, ẹnikẹ́ni ò ní rí nǹkan kan gbà. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà níbẹ̀: Aláṣọ tó ti wa fáìlì sílẹ̀ lè gbé e padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé fáìlì náà gan-an ni, tí wọ́n sì kó o wọlé bí ti àkọ́kọ́, orúkọ kan náà ló máa jẹ́, líǹkì inú kọ́ńtíráàtì á sì jí. Sáfà ayàwòrán ò fúnni ní irú àyè yẹn.

Tí ayàwòrán bá gbà, kó fi setBaseURI tọ́ka sí ipfs://, kó wá fi renounceOwnership jọ̀wọ́ àṣẹ rẹ̀. Kó kọ́kọ́ kó owó tó bá wà nínú kọ́ńtíráàtì jáde o, torí tó bá jẹ́ olórí nìkan ni withdraw ń gbọ́ tiẹ̀, owó yẹn há síbẹ̀ títí ayé nìyẹn.

Amòfin Ìyágankú

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti òfin. Kọ́lá, a kì í gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ wá sí kóòtù májísíréètì. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló ni ín.

Tókìnnì tí ẹ rà, tiyín ni. Ẹ lè tà á, ẹ lè fi tọrọ. Ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí àwòrán náà jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀, ọwọ́ ẹni tó yà á ló ṣì wà. Bí ẹni ra fọ́tò ló rí, ẹ lè gbé e kọ́ sí pálọ̀ yín, kò sọ yín di ẹni tó lè máa tẹ̀ ẹ́ tà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ wa ti ọdún 2022 ní bí ẹnì kan bá fẹ́ fa ẹ̀tọ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí tó fẹ́ fún un ní àṣẹ tí ẹlòmíràn ò ní bá a pín, àfi kó wà ní kíkọ. Àṣẹ tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ ní kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ìwà ayàwòrán náà lè fi hàn pé ó fún yín.

Ẹ wá wo gbólóhùn inú fáìlì yẹn. «Ẹni tó bá ni tókìnnì yìí lè fi àwòrán náà ṣòwò.» Lójú tèmi, ó tó láti fi tẹ tíṣáàtì 200. Kò tó láti fi dá ará Mọ́kọ́lá dúró, torí ẹni tó lè pẹjọ́ ni ẹni tó ni ẹ̀tọ́, ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́, tàbí ẹni tí wọ́n fún ní àṣẹ tí kò bá ẹnikẹ́ni pín. Gbólóhùn náà ò sọ pé ẹ̀yin nìkan. Tókìnnì 40 ló sì wà. Bó bá jẹ́ àwòrán kan náà ni gbogbo wọn gbé, àwọn 39 tó kù ní irú àṣẹ yín. Ará Mọ́kọ́lá tí ẹ ń bínú sí lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn!

Ajílẹ̀ Mápó

Ta ló tiẹ̀ ni Ìbàdàndùn? Àwọn ìyá aláró ló ti ń fi láfún yà á sórí aṣọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ NFT. Gbọ̀ngàn Mápó ti wà láti 1929. Òfin 2022 kan náà sọ pé iṣẹ́ ìbílẹ̀ ní ààbò, ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ṣé ayàwòrán yẹn gbà á?

Amòfin Ìyágankú

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Òpó àti ṣíbí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, bí ará Mọ́kọ́lá bá jókòó ya Ìbàdàndùn tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mú un. Ohun tí ayàwòrán ni ni ọ̀nà tó gbà yà á: ìlà rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe tò ó. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó yá nínú iṣẹ́ ìbílẹ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ tuntun tirẹ̀. Ibi tí yíyá parí sí, tí dídàkọ bẹ̀rẹ̀, èmi àtẹ̀yin lè máa jiyàn rẹ̀ títí di ọ̀la.

Ajílẹ̀ Mápó

Mi ò gbà. Ẹni tó kàn fi kọ̀ǹpútà tún ohun tí ìyá àgbà yà yà, kí ló dá?

Aláṣọ Òjé

Ẹ má jà o. Mo kọ̀wé sí ayàwòrán. Ó ní òun á fọwọ́ sí ìwé fún tíṣáàtì, kì í ṣe èmi nìkan, àti pé àṣẹ náà dópin lọ́jọ́ tí mo bá ta tókìnnì. Kí ni kí ìwé náà sọ?

Amòfin Ìyágankú

Orúkọ yín méjèèjì, àdírẹ́sì kọ́ńtíráàtì lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, nọ́ńbà 17, àti àmì lẹ́tà 64 tí ẹ gbà sílẹ̀ lọ́jọ́sí, kí ó má baà di pé àwòrán mìíràn ni ẹ ń jiyàn lé lórí lọ́la. Ẹ kọ iye ẹ̀wù, 200, àti bóyá ẹ lè tẹ̀ sí i. Ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀wù tó bá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ẹ bá ta tókìnnì. Ẹ ní kó fún yín ní oṣù mẹ́ta láti tà wọ́n tán. Ẹ kọ ọ́ pé àyípadà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì kò kan ìwé yìí. Kí ẹ fọwọ́ sí i lórí bébà.

Bóyá ẹni tó bá ra tókìnnì lọ́wọ́ yín ní àṣẹ gbólóhùn inú fáìlì náà láìṣe pé ayàwòrán bá òun sọ ohunkóhun, mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán kọ ọ́.

Ìyá Sànyà

Atọ́kùn, ó ṣe é o. Àṣẹ méjì ló bá níbẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Ó ti gbà wọ́n padà, ọ̀kan tó kù fún un ṣì wà.

Aláṣọ Òjé

Mo lọ bá ará Mọ́kọ́lá. Mo ní kó fún mi ní àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí n wò ó bóyá òun náà ní ọ̀kan. Ó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, orí Google lòun ti rí àwòrán. Ó wá bi mí pé ṣé èmi ni mo yà á.

Amòfin Ìyágankú

Ayàwòrán ló máa kọ lẹ́tà sí i. Ẹ fún un ní àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù náà, kí ẹ ra ẹ̀wù kan níbẹ̀, kí ẹ gba rìsíìtì.